Fótò dáyágíráàmù olóbíríkítí mẹ́ta: báwo la ṣe ń rí prọbabílítì ẹ̀ tó bá pẹ́ títí?

Bọ́lá_ND2
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo fótò yìí, asáímẹ́ǹtì tí lẹ́kúrà yà sójú bọ́ọ̀dù ni, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo jókòó sí nígbà tí mo yà á ìdí nìyẹn tó fi ṣú báyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òbíríkítí 1 ni pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, 2 ni pé ó ń ṣe ségesège, 3 ni pé ó ti kú pátápátá. Wọ́n ní ká wá prọbabílítì ipò kọ̀ọ̀kan tó bá pẹ́ títí.

Ohun tí mo rí kà nìyí: láti 1, ọfà kan yí padà sórí 1 fúnra ẹ̀, 0.8, òmíràn lọ sí 2, 0.2. Láti 2, ọ̀kan padà sí 1, 0.1, ọ̀kan yí padà sórí 2, 0.6, èyí tó lọ sí 3 ni mi ò mọ̀ bóyá 0.3 ni àbí 0.8. Láti 3 ọfà kan ṣoṣo ló jáde, 1 ló lọ, wọ́n kọ 0.5 sí i. Mi ò rí ọfà kankan tó yí padà sórí 3 torí náà odo ni mo fi síbẹ̀ nínú mátíríìsì mi. Mo wá ṣe ikuéṣọ̀n ẹ̀ títí, gbogbo ẹ̀ ń di odo odo odo. Kí ni mo ṣì ṣe?

Wálé_Jẹnẹ́
Tó bá ń ṣe ségesège, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú kápúrétọ̀ ẹ̀ ná. Ìdọ̀tí ló ń dí ihò kékeré inú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá wo gọfánọ̀. Kò nílò ìṣirò rárá.

Bọ́lá_ND2
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, àmọ́ kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan o 😂 orí bọ́ọ̀dù ló wà.

Ìyá_Oníṣirò
Bọ́lá, ká kọ́kọ́ ka fótò yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni wàhálà ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ikuéṣọ̀n. Gbogbo ọfà tó bá jáde látinú òbíríkítí kan, tó fi mọ́ èyí tó yí padà sórí ara ẹ̀, àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ìdí ẹ̀ ni pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà níbì kan, kò lè pòórá. Wàá wo òbíríkítí 2: 0.1 àti 0.6 jẹ́ 0.7, ohun tó kù kò lè ju 0.3 lọ. Tó bá jẹ́ 0.8 ni, àpapọ̀ ẹ̀ á di 1.5, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Torí náà 0.3 ni, kódà tí fótò ẹ bá ṣú jù báyìí lọ.

Ó wá ku 3. 0.5 péré ló jáde níbẹ̀. Níbo ni 0.5 tó kù wà? Orí 3 náà ló wà. Ó ṣeé ṣe kí orí ẹnìkan ló bò ó nínú fótò ẹ, ó sì ṣeé ṣe kí lẹ́kúrà má yà á rárá, torí àwọn kan wà tí wọn kì í yà á, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí o fi odo síbẹ̀, ńṣe lo sọ pé ìdajì àwọn jẹnẹrétọ̀ tó bá kú ń fò kúrò láyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá wá pẹ́ títí kò ní ku ẹyọ kan, ìdí tí gbogbo ẹ̀ fi di odo nìyẹn. Ikuéṣọ̀n ẹ ò purọ́ fún ẹ o, ohun tí o fún un ló dá ẹ lóhùn.

Nígbàkígbà tí odo bá jáde níbi gbogbo, padà lọ ro ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan pọ̀, wàá rí èyí tí kò pé 1.

Bọ́lá_ND2
Háà, mà! Ẹ ṣé gan-an. Ó ti yé mi. Ọ̀rẹ́ mi náà ní 0.8 lòun rí o, ó ti fi sílẹ̀.

Ṣẹ́gun_Kóòdù
Kí lẹ ń dara yín láàmú sí, kọ̀ǹpútà á ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti bá ẹ ṣe é, pẹ̀lú 0.3 àti 0.5 tí màmá sọ:

```
import numpy as np
P = np.array([[0.8, 0.2, 0.0],
              [0.1, 0.6, 0.3],
              [0.5, 0.0, 0.5]])
w, v = np.linalg.eig(P)
print(v)
```

Èyí tó bá 1 lọ nínú `w` ni wàá mú. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ibẹ̀ jẹ́ 0.577 (tìẹ lè ní àmì òdì níwájú, kò ṣe nǹkan kan), bó o bá pín in kí àpapọ̀ ẹ̀ lè jẹ́ 1, 1/3, 1/3, 1/3 ni. Ó parí.

Tọ́pẹ́_Abúlé
1/3 kẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ tó ní 0.8 láti máa ṣiṣẹ́ lọ, tó bá ti dáa, á wá jẹ́ pé ìgbà tó kú àti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ dọ́gba? Ọkàn mi ò gbà á.

Ṣẹ́gun_Kóòdù
Ọkàn kọ́ là ń fi ṣe ìṣirò bọ̀dá. Mo ti ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀, tó o bá fi P lu fẹ́kítọ̀ yẹn, fẹ́kítọ̀ yẹn náà ló máa jáde, kò yí padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní kò yí padà mọ́ nìyẹn.

Ìyá_Oníṣirò
Ṣẹ́gun ọkọ mi, ọ̀nà tó o gbà dáa, ẹ̀gbẹ́ tó o dúró sí ni kò dáa. Bí wọ́n ṣe kọ mátíríìsì yìí, ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan ni "látinú ibí". Prọbabílítì wa gbọ́dọ̀ wà lápá òsì kó lu P, ìwọ fi í sí apá ọ̀tún. Lápá ọ̀tún, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ro ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan pọ̀, a sì ti mọ̀ pé 1 ni àpapọ̀ wọn. Torí náà fẹ́kítọ̀ tí gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ dọ́gba ló máa jáde, ohun yòówù kí àwọn ọfà yẹn sọ. Lọ fi mátíríìsì míì sí i, èyíkéyìí tó bá wù ẹ́ tí ìlà ẹ̀ bá ti pé 1: tó bá jẹ́ ipò mẹ́rin, 1/4 mẹ́rin lo máa rí. Èsì tí kì í yí padà bí ìbéèrè bá yí padà, kì í ṣe èsì.

Àtúnṣe ẹ̀ ò tó nǹkan, wàá dojú mátíríìsì yẹn dé kí ìbú di òòró:

```
w, v = np.linalg.eig(P.T)
k = np.argmin(abs(w - 1))
x = v[:, k].real
print(x / x.sum())
```

`.real` tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Nínú mátíríìsì yìí, àwọn méjì tó kù nínú `w` ní `j` nínú, torí náà NumPy á kọ gbogbo nọ́ńbà pẹ̀lú `+0.j`, ẹ̀rù á wá máa ba èèyàn.

Ṣùgbọ́n Bọ́lá, inú gbọ̀ngán ìdánwò ni ìwọ máa wà, wọn ò ní jẹ́ kó o gbé láàpútọ́ọ̀pù wọlé. Wá ká ṣe é láti ojú àwòrán, láì tiẹ̀ kọ mátíríìsì. Ka prọbabílítì ipò 1 sí a, ti 2 sí b, ti 3 sí d. Tó bá ti pẹ́ títí tí nǹkan ti fìdí múlẹ̀, ohun tó ń wọ òbíríkítí kan lọ́sẹ̀ kan àti ohun tó ń jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á ṣì máa pọ̀ sí i tàbí kó máa dín. Àwọn ọfà tó yí padà sórí ara wọn, gbàgbé wọn, wọn ò wọlé, wọn ò jáde.

Bẹ̀rẹ̀ láti 2. Ohun tó ń wọ ibẹ̀, láti 1 nìkan ni, 0.2a. Ohun tó ń jáde, 0.1 àti 0.3, ìyẹn 0.4b. Torí náà 0.2a = 0.4b, a jẹ́ ìlọ́po méjì b. Bọ́ sí 3: ohun tó wọlé 0.3b, ohun tó jáde 0.5d, torí náà d = 0.6b. Ó tán. Sọ pé b jẹ́ 1, a jẹ́ 2, d jẹ́ 0.6, àpapọ̀ 3.6. Pín gbogbo ẹ̀ sí 3.6:

a = 2/3.6 = 5/9, bíi 0.556
b = 1/3.6 = 5/18, bíi 0.278
d = 0.6/3.6 = 1/6, bíi 0.167

A ò lo òbíríkítí 1 rárá, òun la máa fi ṣẹ́ẹ̀kì. Ohun tó jáde níbẹ̀ 0.2 × 2 = 0.4. Ohun tó wọlé, 0.1 × 1 láti 2 àti 0.5 × 0.6 láti 3, ó jẹ́ 0.4. Wọ́n bára mu.

Bọ́lá_ND2
Mummy, ẹ wá wò ó, tá ò bá lo ọfà tó yí padà sórí ara ẹ̀, á jẹ́ pé pẹ̀lú pé mi ò rí ti 3 nínú fótò yẹn, mo ṣì lè gba èsì tó tọ̀nà?

Ìyá_Oníṣirò
Bẹ́ẹ̀ ni! Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún fótò tó ṣú nìyẹn. Ó ní ibi tó ti lè dà ẹ́ o: tó bá jẹ́ pé ọfà tó lọ síbòmíràn ni orí ẹni yẹn bò, kì í ṣe èyí tó yí padà, èsì ẹ á bàjẹ́, o ò sì ní mọ̀. Ká ní 3 ní ọfà 0.2 kan tó lọ sí 2 tí o ò rí. Gbogbo nǹkan á yàtọ̀. Fótò nìkan ò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, bi ẹni tó jókòó níwájú.

Tọ́pẹ́_Abúlé
Ọkàn mi tí kò gba 1/3 yẹn náà nìyẹn o, Ṣẹ́gun 😏

Ṣẹ́gun_Kóòdù
Ó dáa, mo gbà. Mo ti fi `P.T` sí i, 0.5556, 0.2778, 0.1667 ló gbé jáde. Àmọ́ ìwé tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́, òòró ni wọ́n ń kọ "látinú ibí" sí, ìyẹn ni mi ò fi dojú ẹ̀ dé. Ta ló wá tọ̀nà nínú wa?

Ìyá_Oníṣirò
Méjèèjì tọ̀nà, ìwé míì ń lo ìbú, òmíràn ń lo òòró. Wo ibi tí àpapọ̀ ti jẹ́ 1, ibẹ̀ ló máa sọ fún ẹ. Ibi tó ti ń dani láàmú ni kéèyàn fi ìbú kọ ọ́ kó wá fi fọ́múlà òòró ṣiṣẹ́. Èwo ni lẹ́kúrà Bọ́lá ń fẹ́, mi ò mọ̀, ó yẹ kó bi í kó tó kọ mátíríìsì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi jẹnẹrétọ̀ hàn yín, torí ìdá-ìdá yìí kì í hàn sójú. Ká ní ilé-iṣẹ́ yẹn ní 360 jẹnẹrétọ̀ tó jọra wọn. 5/9 jẹ́ 200 tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, 100 ń ṣe ségesège, 60 ti kú. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, nínú 200, 40 á bọ́ sí ségesège. Nínú 100, 10 á padà sí dáadáa, 30 á kú. Nínú 60, 30 á jí. Ẹ ro ó: ibi dáadáa pàdánù 40, ó gba 10 àti 30. Ibi ségesège gba 40, ó pàdánù 40. Ibi tó kú gba 30, ó pàdánù 30. Àwọn ẹ̀rọ náà ń yí ipò padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye tó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan ni kò yí. Ẹ wá gbé 1/3 Ṣẹ́gun wò, 120, 120, 120: 36 á kú, 60 á jí, ibi tó kú ti di 96 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Wálé_Jẹnẹ́
Ó ti wá ń yé mi báyìí o, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ kápúrétọ̀ àná. Ṣé pé 1/6 yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni jẹnẹ́ yìí á máa kú? Torí èmi lè fi ìyẹn bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Tọ́pẹ́_Abúlé
Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ìdá kan nínú mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà.

Ìyá_Oníṣirò
Rárá o Tọ́pẹ́, dúró ná. 1/6 ni ìdá àwọn ọ̀sẹ̀ tó fi wà ní òkú, kì í ṣe iye ìgbà tó kú. Tó bá kú lọ́sẹ̀ yìí, 0.5 ló ní láti ṣì wà ní òkú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì yẹn náà wọ inú 1/6, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kú. Padà sórí 360 wa: 30 ló ń kú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 30 nínú 360 jẹ́ 1/12. Torí náà ní ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá ni jẹnẹrétọ̀ kan ń kú lákọ̀tun, tó bá sì kú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò ní ìpíndọ́gba kó tó jí, torí 1 pín sí 0.5 jẹ́ 2. Méjì nínú méjìlá, 1/6 náà nìyẹn.

Wálé, tó o bá sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún oníbàárà ẹ, o ti fi ìlọ́po méjì pe iye ìgbà tó máa wá ẹ wá. Bóyá ìyẹn wù ẹ́, mi ò mọ̀ 😄

Wálé_Jẹnẹ́
😂😂 Ìyá, ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Jẹnẹ́ tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ti yí wáyà inú ẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Nínú àwòrán yín, tó bá ti padà sí 1, ó ti di tuntun nìyẹn, 0.8. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n_Láíbìrì
Ẹ̀gbọ́n Wálé, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ lórí nǹkan gidi rí o. Markov fúnra ẹ̀, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe irú àwòrán òbíríkítí àti ọfà yìí, lọ́dún 1913 ó ka 20,000 lẹ́tà nínú ìwé ewì Pushkin, òbíríkítí méjì péré, fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì. Tí lẹ́tà kan bá jẹ́ fáwẹ́lì, 0.128 ni kí èyí tó tẹ̀ lé e náà jẹ́ fáwẹ́lì. Tó bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, 0.663 ni kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ fáwẹ́lì. Ẹ fi ọ̀nà Ìyá ṣe é: ohun tó jáde lórí fáwẹ́lì 0.872, ohun tó wọ ibẹ̀ 0.663, torí náà ìdá fáwẹ́lì jẹ́ 0.663 pín sí 1.535, tó jẹ́ 0.432. Fáwẹ́lì tó kà níbẹ̀ jẹ́ 8,638 nínú 20,000, tó jẹ́ 0.432 náà. Ó bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́!

Ìyá_Oníṣirò
Ìtàn náà dùn, òótọ́ sì ni àwọn nọ́ńbà yẹn, àmọ́ kò dá Wálé lóhùn. Inú ìwé kan náà ló ti ka àwọn ọfà, inú ẹ̀ náà ló ti ka fáwẹ́lì. Nínú ìwé èyíkéyìí, iye ìgbà tí o bá wọ fáwẹ́lì àti iye ìgbà tí o bá jáde níbẹ̀ kò lè fi ju ẹyọ kan lọ yàtọ̀ síra, torí náà dandan ni kí 0.432 jáde, bóyá lẹ́tà yẹn rántí ohun tó ti kọjá ni o tàbí kò rántí. Ohun tí Wálé ń bi ni pé ṣé jẹnẹrétọ̀ ò rántí ni. Tí ó bá rántí, wàá ní láti fi òbíríkítí kún un, "dáadáa àmọ́ ó ti kú rí" á dá dúró láyè ara ẹ̀, pẹ̀lú ọfà tirẹ̀. Mélòó lèèyàn máa fi kún un kó tó tó? Ẹni tó ní ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe ló lè sọ.

Wálé_Jẹnẹ́
Ìwé àkọsílẹ̀ kẹ̀, orí ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo ń kọ tèmi sí.

Akọ̀wé_Kọ́pù
Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo fẹ́ fi ọ̀nà "wọlé jáde" yìí ṣe ti gbèsè. Òbíríkítí mẹ́rin ni mo yà: ó ti jẹ oṣù kan, ó ti jẹ oṣù méjì, ó ti san tán, a ti gbà pé owó yẹn lọ. Láti oṣù kan, 0.7 lọ sí san tán, 0.3 lọ sí oṣù méjì. Láti oṣù méjì, 0.6 san tán, 0.4 lọ. Mo ṣe é, oṣù kan jẹ́ 0, oṣù méjì jẹ́ 0, méjì tó kù ò fún mi ní nọ́ńbà kankan, ikuéṣọ̀n wọn jẹ́ odo dọ́gba pẹ̀lú odo. Ṣé mo ti ṣe é tì ni?

Ṣẹ́gun_Kóòdù
Fi `P.T` sí i 😅

Ìyá_Oníṣirò
`P.T` ò ní ràn án lọ́wọ́, Ṣẹ́gun, 1 méjì ló máa wà nínú `w`. Akọ̀wé, ẹ ò ṣe é tì. Òbíríkítí méjì ló wà níbẹ̀ tí ọfà kankan ò jáde nínú wọn lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá ti bọ́ síbẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, torí náà èsì tó bá pẹ́ títí kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, ibi téèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ló máa pinnu ẹ̀. Ẹ kàn tẹ̀ lé ọfà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kan: kí owó ẹ̀ tó lọ, ó gbọ́dọ̀ gba oṣù méjì kọjá, 0.3 × 0.4 = 0.12. 0.88 tó kù á san tán. Ẹni tẹ́ ẹ bá lóṣù méjì, 0.4 ni owó ẹ̀ máa lọ. Torí náà tí ẹ bá ní ₦100,000 lọ́wọ́ àwọn olóṣù kan àti ₦100,000 lọ́wọ́ àwọn olóṣù méjì, ẹ máa retí pé ₦12,000 àti ₦40,000 lè má padà wá.

Ti jẹnẹrétọ̀ Bọ́lá yàtọ̀ torí pé láti òbíríkítí èyíkéyìí, ẹ lè tẹ̀ lé ọfà títí ẹ á fi dé èyíkéyìí tó kù. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi ìka tọ̀ lórí fótò nìyẹn, kẹ́ ẹ tó kọ ikuéṣọ̀n kankan.

Akọ̀wé_Kọ́pù
Ẹ ṣé mà. ₦40,000 yẹn dùn mí wọra o. Tí ẹni tó ti jẹ oṣù méjì bá wá san díẹ̀, tó padà sí oṣù kan ńkọ́? A ní irú wọn.

Ìyá_Oníṣirò
Ẹ ya ọfà kan láti oṣù méjì padà sí oṣù kan, ẹ dín in kúrò nínú 0.6 àti 0.4 kí àpapọ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ 1. 0.12 yẹn á yí padà. Mélòó nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù?

Bọ́lá_ND2
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bi ẹni tó jókòó níwájú. Ó ní òun rí ọfà tó yí padà sórí 3 àmọ́ wọn ò kọ nọ́ńbà sí i. Ọmọkùnrin kan tún ní òun rí ọfà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti 3 sí 2 tí lẹ́kúrà nù kúrò. Ó nù ún àbí kò nù ún, mi ò mọ̀, ọ̀la ni màá bi wọ́n.